Ọkọ̀ Wa Dé, Àbí Ọkọ́ Wa Dé? Ohun tí Ó Yẹ Kí Ẹ Mọ̀ Kí Ẹ Tó Pín Orin fún Àwọn Ohun Èlò



Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo kó ọmọ mẹ́rin jọ sí yàrá ẹ̀yìn ní ilé ìwé wa níbí ní Langley Park. Ọ̀kan ń fọn fúlúùtù, ọ̀kan ń fọn tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan ń fọn sáksófóònù áltò, ọ̀kan sì ń ta fáolínì. Ilé ìwé tí wọ́n ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, èmi sì fẹ́ kí wọ́n fi ohun èlò wọn sọ Yorùbá. Mo kọ orin kékeré kan fún wọn, gbólóhùn kan péré: "Ọkọ̀ wa dé, ẹ jáde wá." Mo tẹ̀ ẹ́ lórí dùùrù, ó dùn mọ́ mi. Mo kọ nóòtì rẹ̀ sílẹ̀, mo ṣe ẹ̀dà mẹ́rin, mo fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀kan.

Nígbà tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀, ariwo ọjà ló jáde. Ọmọ tó ń fọn fúlúùtù gbé ọwọ́ sókè, ó ní nóòtì kejì kò sí lórí fúlúùtù òun. Mo dá a lóhùn kíákíá pé kó fọn nóòtì yẹn nìkan lókè, kó fi ìyókù sí ibi tí ó wà. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Màmá àgbà kan tó ń dúró de ọmọ-ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọkọ́ wa dé? Ta ló fẹ́ lọ roko ní Langley Park?"

Àṣìṣe méjì ni mo ṣe lọ́jọ́ náà, wọn kì í sì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ọ̀kan kò ba ọ̀rọ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n ó dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ. Èkejì kò dá ìjà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó sọ ọkọ̀ di ọkọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ pín orin Yorùbá fún àwọn ohun èlò, ì báà ṣe orin kékeré báyìí, gbọ́dọ̀ mọ méjèèjì yàtọ̀ sí ara wọn.

Orin náà fúnra rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ wa ti mọ dò, re, mí láti kíláàsì àmì ohùn: dò ni ohùn ìsàlẹ̀, re ni ohùn àárín, mí ni ohùn òkè. Ẹ wá fi wọ́n ka gbólóhùn wa. "Ọkọ̀ wa dé" jẹ́ re, dò, re, mí. "Ẹ jáde wá" jẹ́ re, mí, re, mí. Ohun tí mo ṣe kò ju pé mo sọ ohùn ọ̀rọ̀ di ohùn orin. Lórí dùùrù, mo fi dò sí B fúláàtì tó wà nísàlẹ̀ C àárín, re bọ́ sí C àárín gan-an, mí sì bọ́ sí D tó tẹ̀ lé e. Nóòtì mẹ́ta péré ló wà nínú orin náà:

Ọ-kọ̀ wa dé: C, B fúláàtì, C, D.
Ẹ já-de wá: C, D, C, D.

Ẹ má gbàgbé àwọn nóòtì mẹ́ta yìí, nítorí orí wọn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa yóò dúró lé.

Àṣìṣe kìíní: ìwé kan náà fún gbogbo ènìyàn

Dùùrù, fúlúùtù àti fáolínì máa ń sọ òótọ́ orúkọ. Bí wọ́n bá rí C nínú ìwé, C dùùrù ni etí yóò gbọ́. Tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì tí àwọn ọmọ wa ń lò kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá rí C, B fúláàtì ni yóò dún, ìgbésẹ̀ kan nísàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì B fúláàtì: orúkọ yẹn ni ohùn tí ẹ ó gbọ́ nígbà tí ó bá ka C. Klarinẹ́ẹ̀tì tó wọ́pọ̀ náà jẹ́ B fúláàtì. Sáksófóònù áltò jẹ́ E fúláàtì: bí ó bá ka C, E fúláàtì tó wà nísàlẹ̀ C náà ló ń dún. Họ́ọ̀nù jẹ́ F: bí ó bá ka C, F tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ló ń dún. Mo máa ń pe irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ ní apohùndà, nítorí pé ohùn tó ń jáde yàtọ̀ sí orúkọ tó wà nínú ìwé.

Kí ló fà á tí ẹnikẹ́ni yóò fi ṣe ohun èlò báyìí? Nítorí ìka ni. Ẹ wo ìdílé sáksófóònù, èyí tí Adolphe Sax gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní Parisi ní ọdún 1846. Àgbà àti àbúrò ni wọ́n, ọ̀kan gùn, ọ̀kan kúrú, ohùn wọn kò sì dọ́gba. Ṣùgbọ́n ibi kan náà ni ìka ń tẹ̀ lórí gbogbo wọn nígbà tí a bá kọ C. Ọmọ tó bá mọ áltò lè gbé ténọ̀ lónìí, kí ó máa ka ìwé rẹ̀ láì kọ́ ìka tuntun. Ẹni tó ń kọ orin ló gba wàhálà náà rù, kí ẹni tó ń fọn ún lè sinmi. Èmi ni mo ń kọ orin lọ́jọ́ náà, mo sì gbàgbé ẹrù mi.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní yàrá yẹn. Mo kọ C, B fúláàtì, C, D fún gbogbo wọn. Fáolínì sọ ọ́ bí mo ṣe kọ ọ́. Tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì sọ B fúláàtì, A fúláàtì, B fúláàtì, C. Áltò sọ E fúláàtì, D fúláàtì, E fúláàtì, F, jìnnà nísàlẹ̀. B fúláàtì tí mo kọ fún áltò yẹn sì ni nóòtì ìsàlẹ̀ pátápátá lórí rẹ̀, tí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ kì í lè mú jáde láìjẹ́ pé ó ké bíi pẹ́pẹ́yẹ.

Ẹ fiyè sí nǹkan kan níbẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì nìkan, "Ọkọ̀ wa dé" ló sọ, kò ṣìnà rárá. Áltò náà sọ "Ọkọ̀ wa dé." Re, dò, re, mí ni gbogbo wọn fọn. Ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi dò sí ni kò bára mu. Ẹ̀yin òbí tó ti kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì yóò tètè mọ̀ ọ́n, nítorí sọ́lfà ni ẹ fi kọ́ orin yín, ẹ sì mọ̀ pé dò kì í jókòó sójú kan. Ó dà bí ìgbà tí sọpuránò gba kíì kan, tí ténọ̀ gba òmíràn.

Àtúnṣe rẹ̀ rọrùn bí a bá gbà á láti ọwọ́ dò. Ẹ má kọ́kọ́ yí nóòtì kọ̀ọ̀kan padà. Ẹ kọ́kọ́ wá dò ohun èlò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ re àti mí láti ibẹ̀. Fún ohun èlò B fúláàtì, ẹ gbé dò sókè ní ìgbésẹ̀ kan. Dò wa lórí dùùrù ni B fúláàtì, nítorí náà dò tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì àti klarinẹ́ẹ̀tì yóò jẹ́ C. Fún áltò, ẹ ka orúkọ mẹ́fà lọ sókè, kí ẹ ka èyí tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn: B, C, D, E, F, G. Dò áltò ni G. Fún họ́ọ̀nù, ẹ ka márùn-ún: B, C, D, E, F. Dò họ́ọ̀nù ni F. Nígbà náà, "Ọkọ̀ wa dé" yóò rí báyìí nínú ìwé àwọn ọmọ:

Fáolínì: C, B fúláàtì, C, D.
Tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì àti klarinẹ́ẹ̀tì: D, C, D, E.
Áltò: A, G, A, B.
Họ́ọ̀nù: G, F, G, A.

Ìwé mẹ́rin, ohùn kan ṣoṣo. Ẹ rántí àmì kíì níbẹ̀rẹ̀ ìlà náà. Orin tó ní fúláàtì méjì lórí dùùrù kò ní fúláàtì tàbí ṣáàpù kankan fún tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì, ó ní ṣáàpù kan fún áltò, ó sì ní fúláàtì kan fún họ́ọ̀nù. Bí ẹ bá rí àmì kíì kan náà lórí ìwé gbogbo wọn, ẹ dúró, àṣìṣe wà níbẹ̀.

Àṣìṣe kejì: nóòtì tí kò sí nílé

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọmọ tó ń fọn fúlúùtù. Fúlúùtù kì í pa ohùn dà, nítorí náà ìwé tí mo fún un tọ̀nà ní ti orúkọ. Ṣùgbọ́n ohun èlò kọ̀ọ̀kan ní àyè ohùn tirẹ̀, ilẹ̀ tí kò lè sọ̀ kalẹ̀ kọjá àti àjà tí kò lè gùn kọjá. Ilẹ̀ fúlúùtù tí ọmọ ilé ìwé ń lò ni C àárín. Dò orin wa, B fúláàtì, wà ní ìgbésẹ̀ kan nísàlẹ̀ ilẹ̀ náà. Òótọ́ ni ọmọ náà sọ, nóòtì yẹn kò sí lórí fúlúùtù rẹ̀. Fáolínì kò ní ìṣòro yìí, torí pé okùn rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ jù ni G tó wà lábẹ́ B fúláàtì wa.

Ohun tí mo sọ pé kó ṣe ni ohun tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pín orin máa ń ṣe. Nóòtì kan ṣoṣo ni kò bọ́ sí i, wọ́n á gbé ọ̀kan náà sókè sí B fúláàtì tó tẹ̀ lé e lókè, wọ́n á ní orúkọ kan náà ṣáà ni. Nínú orin tí kò ní ọ̀rọ̀, ó lè má pa ẹnikẹ́ni lára. Nínú orin Yorùbá, ẹ wo ohun tó dà: C, B fúláàtì tòkè, C, D. Ohùn tó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn "ọ" gun òkè lọ. Etí Yorùbá kì í gbọ́ ọ bíi dò mọ́, bíi mí ló ń gbọ́ ọ. Ọkọ̀ di ọkọ́. Màmá àgbà kò rí ìwé kankan, kò sì mọ orúkọ nóòtì kankan, síbẹ̀ ó gbọ́ àṣìṣe náà kí èmi tó gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun láàárín wa. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ túmọ̀ orin ìsìn sí Yorùbá, ohùn orin òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, ohùn náà sì máa ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ló yí ìtumọ̀ padà lẹ́nu àwọn olùjọ́sìn. T. K. E. Phillips, tó tẹ dùùrù fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Kàtídírà ti Kírísítì ní Marina ní Èkó, kọ ìwé kan lórí orin Yorùbá tó jáde ní ọdún 1953, ó sì wà lára àwọn tó fẹ́ kí ohùn orin máa tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Ohun tí àwọn àgbà wọ̀nyí fi ọdún púpọ̀ tún ṣe, ọwọ́ kan tó gbé nóòtì kan sókè lè bà á jẹ́ ní ìṣẹ́jú kan.

Àtúnṣe rẹ̀ ni pé bí nóòtì kan kò bá bọ́ sí àyè, gbogbo gbólóhùn náà ni ẹ ó gbé. Fún fúlúùtù, ẹ gbé nóòtì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sókè pọ̀, kí dò bọ́ sí B fúláàtì tòkè, kí re bọ́ sí C tó wà lókè rẹ̀, kí mí sì tẹ̀ lé e. Re, dò, re, mí ṣì ni. Kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ọkọ́ nínú rẹ̀. Bí gbólóhùn bá gùn tó bẹ́ẹ̀ tí kò ṣeé gbé tán, ẹ gé e níbi tí akọrin ti ń mí. Nínú orin wa, ẹ lè yí ibi tí ohùn wà padà lẹ́yìn "dé", kí "ẹ jáde wá" bẹ̀rẹ̀ ní ibòmíràn. Ẹ má ṣáà gé e láàárín ọ̀rọ̀.

Inú àyè kò tíì túmọ̀ sí pé ó dùn

Ohun kan tún kù lórí àyè ohùn. Ìwé orin máa ń sọ nóòtì ìsàlẹ̀ jù àti nóòtì òkè jù tí ohun èlò kan ní, ṣùgbọ́n agbára kò dọ́gba láàárín méjèèjì. Ká ní mo gbé gbogbo orin náà sókè ní ìgbésẹ̀ kan, kí dò lè bọ́ sí C àárín. Fúlúùtù á ní gbogbo nóòtì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ fúlúùtù rọ̀ bí òwú. Bí tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì bá wà nítòsí, ẹ ó rí ọmọ náà tó ń fẹ́ ẹnu, ẹ kò ní gbọ́ nǹkan kan. Lókè, níbi tí mo gbé e sí, ohùn fúlúùtù mọ́, ó sì ń là kọjá lórí àwọn yòókù.

Klarinẹ́ẹ̀tì ní tirẹ̀ ní afárá kan láàárín ohùn rẹ̀. Láti B fúláàtì àárín ìlà márùn-ún lọ sí B, ìka tí kò kan nǹkan kan tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ bo ihò gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ ọdún àkọ́kọ́ sábà máa ń ṣubú níbẹ̀. Orin wa, D, C, D, E nísàlẹ̀ ìlà, jìnnà sí afárá náà, nítorí náà kò ní yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹni tó bá ti fọn tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì fún ọdún kan náà kì í sábà ní ju bíi nóòtì mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ lé, láti C àárín ìwé rẹ̀ lọ sókè. Ẹ kọ orin sí inú mẹ́jọ yẹn. Ẹ kọ ọ́ fún ọmọ tó wà níwájú yín, ẹ má kọ ọ́ fún àwòrán inú ìwé.

Ìdí tí mo fi yan B fúláàtì fún dò nìyẹn, ohun kan ṣoṣo tí mo ṣe dáadáa lọ́jọ́ náà. Ìwé ìbẹ̀rẹ̀ tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ afọnfèrè ilé ìwé ní Amẹ́ríkà ń lò sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè yẹn. C, D, E wà lára nóòtì tí ọmọ tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì kọ́kọ́ ń mọ̀, bí G, A, B ṣe wà fún ọmọ áltò.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láìsí apohùndà

Ẹ lè fi okùn bẹ̀rẹ̀. Fẹlá Ṣówándé, tó kọrin lábẹ́ Phillips ní Kàtídírà nígbà tó wà lọ́mọdé, kọ African Suite ní ọdún 1944 fún àwọn ohun èlò olókùn àti háàpù. Ó wá kọ́ni ní Yunifásítì Howard ní Washington nígbẹ̀yìn, kò jìnnà sí wa níbí. Fáolínì, fiólà àti sẹ́lò kì í pa ohùn dà. Báàsì olókùn nìkan ló ń dún ní dò kan nísàlẹ̀ ohun tí a kọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kọ orin fún okùn ti bọ́ lọ́wọ́ àṣìṣe kìíní. Èkejì ṣì ń dúró dè é, nítorí ilẹ̀ fáolínì ni G nísàlẹ̀ C àárín, kò sì sí ẹni tó lè kọjá rẹ̀. Bí dò bá lọ sísàlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ gbé gbólóhùn náà fún fiólà, tí ilẹ̀ rẹ̀ wà ní nóòtì márùn-ún nísàlẹ̀ ti fáolínì, tàbí fún sẹ́lò, tó tún lọ sísàlẹ̀ ju ti fiólà lọ ní odindi dò sí dò.

Ìdánwò méjì kí ẹ tó tẹ ìwé jáde

Bí ẹ bá ń lo MuseScore lórí kọ̀ǹpútà, ẹ wo bọ́tìnnì tí a kọ `Concert Pitch` sí. Nígbà tí ó bá wà ní títàn, ohùn dùùrù lẹ ń rí fún gbogbo ohun èlò. Ẹ pa á kí ẹ tó tẹ ìwé àwọn ọmọ jáde, kí ẹ sì rí i pé dò tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì ti di C. Ètò náà tún máa ń kun nóòtì tó jáde kúrò nínú àyè ní àwọ̀ pupa. Ó wúlò, ṣùgbọ́n kò gbọ́ Yorùbá. Bí ẹ bá gbé nóòtì kan náà sókè, àwọ̀ pupa á lọ, ọkọ́ á sì wà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà á tún jẹ́ kí fúlúùtù ìsàlẹ̀ dún ketekete lẹ́gbẹ̀ẹ́ tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì, ohun tí kò ní ṣẹlẹ̀ nínú yàrá.

Nítorí náà, ẹ fi etí ṣe ìdánwò méjì. Èkíní, ẹ ní kí gbogbo ọmọ jọ fọn dò nìkan, kí ẹ sì tẹ B fúláàtì lórí dùùrù. Bí ohùn wọn bá di ọ̀kan, ẹ ti pa ohùn dà bó ṣe yẹ. Bí ọ̀kan bá ń jà, ìwé rẹ̀ ni kí ẹ wò, kì í ṣe ọmọ náà. Èkejì, ẹ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fọn gbólóhùn náà lóun nìkan, kí ẹ sì bi ẹni tó gbọ́ Yorùbá, tí kò rí ìwé, pé kí ló gbọ́. Àṣìṣe kìíní kì í hàn bí ẹnì kan bá ń fọn lóun nìkan. Èkejì máa ń fara pamọ́ nígbà tí gbogbo wọn bá jọ ń fọn.

Mo tún ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ, a sì pàdé ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Mo gbé àga kan sẹ́nu ọ̀nà, mo ní kí Màmá àgbà jókòó, kí wọ́n kọjú síta. Àwọn ọmọ fọn ún lọ́kọ̀ọ̀kan, fúlúùtù ló ṣe é kẹ́yìn. Màmá kò dáhùn, wọ́n kàn dìde, wọ́n gbé báàgì wọn, wọ́n ní, "Ó dáa, ọkọ̀ dà?"